Ọ̀wọ́n Tí Sítátíìnì Ń Dá Sílẹ̀ Nínú Ẹ̀dọ̀, àti Ibi Tó Lè Mú LDL Dé

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 58 ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, àyẹ̀wò sì fi hàn pé LDL rẹ̀ jẹ́ 180 mílígíráàmù nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Dókítà fún un ní atofásítátíìnì 20 mílígíráàmù lójúmọ́. Nígbà tí oṣù méjì pé, LDL ti já sí 103. Inú tọmọ tọkọ dùn. Dókítà ní òun ṣì fẹ́ kó wálẹ̀ sí i, ó bá sọ oògùn di 40. Ìyá aláṣọ ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò: bí 20 bá gbé 77 kúrò, 40 á tún gbé 77 mìíràn kúrò. Èsì kejì dé, 92 ló wà nínú ìwé. Oògùn di ìlọ́po méjì, 11 péré ló tún bá a lọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Oògùn náà kì í ṣe ayédèrú, ilé àyẹ̀wò kò sì ṣì í kà. Ibi tí èèyàn á retí pé kí 40 mú LDL 180 dé gan-an ló mú un dé. Inú ẹ̀dọ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà, ẹni tó bá sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè fojú díwọ̀n iṣẹ́ tí hóró oògùn kan á ṣe kó tó rà á.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé sítátíìnì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ yọ́ ọ̀rá tó wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn yìí kì í fọwọ́ kan LDL rárá. Láti inú ìfun, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń dé, ẹ̀dọ̀ sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró kó tó tàn dé ibòmíràn nínú ara. Ohun tó wá ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń dá ọ̀wọ́n kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa wá jáde lọ kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ọ̀wọ́n tó bá a.

Kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀tá ara o. Òun ni ara fi ń mọ awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, òun náà ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe oje òróòro tó ń da ọ̀rá oúnjẹ. Ara ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba ló ń ti inú oúnjẹ wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti jáwọ́ nínú ẹyin àti ṣàkì pátápátá fi lè ṣe àyẹ̀wò kí LDL rẹ̀ ṣì ga. Nítorí pé ọ̀rá kì í po pọ̀ mọ́ omi, ara ń di kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù sínú ẹrù kéékèèké kó lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn. LDL ni ọ̀kan nínú àwọn ẹrù wọ̀nyí. Bó bá pọ̀ jù, tó sì pẹ́ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń yọ́ wọ inú ògiri iṣan, ibẹ̀ ló ti ń dì, tó ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa díẹ̀díẹ̀, títí ọkàn tàbí ọpọlọ fi lè ṣaláìrí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ta ló ń kó LDL kúrò lójú ọ̀nà? Ẹ̀dọ̀ ni, ó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà tó ń dá ṣe. Ohun tó fi ń ṣe é ni àwọn onímọ̀ ń pè ní risẹ́pítọ̀ LDL, a sì lè wò ó bí ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ nà síta sínú ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ yìí á di ẹrù LDL kan mú, á fà á wọlé, á jù ú sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì láti tú, á sì tún padà síta lọ mú òmíràn. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọwọ́ kan sì lè wà láyé fún bí ogún wákàtí kó tó gbó. Maikẹli Búráùnù àti Josẹfu Góódísítáìnì, dókítà méjì ní ìlú Dáláàsì ní Amẹ́ríkà, ló wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí kàn láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì lórí rẹ̀ ní 1985. Ara àwọn ọmọdé kan tí LDL wọn ga kọjá àlà láti ìgbà ìbí ni wọ́n ti rí i. Sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ náà kò ní ọwọ́ tó lè di LDL mú.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kì í na ọwọ́ síta lásán. Ó ń wọn kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù inú ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá tó, ó ń dín iye ọwọ́ tó nà síta kù. Bí ó bá wọ́n, pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní SREBP-2 á gbéra lọ sí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì níbi tí àṣẹ ti ń jáde, á ní kí wọ́n ṣe ọwọ́ púpọ̀ sí i, á sì ní kí wọ́n tẹra mọ́ ṣíṣe kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù nínú ilé.

Iṣẹ́ inú ilé yìí gùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ìpele kí èròjà kékeré tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà tó di kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù. Ìpele kan wà lápá ìbẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló ń pinnu bí gbogbo èyí tó kù á ṣe yára tó. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ ìpele náà ń gba èròjà kan tó ń jẹ́ HMG-CoA, ó sì ń sọ ọ́ di mẹfalonéètì. Apá kan lára sítátíìnì jọ HMG-CoA tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jókòó sí àyè rẹ̀ lára ẹ́ńsáìmù náà. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jókòó síbẹ̀, HMG-CoA gidi kò ráyè wọlé, iṣẹ́ á sì fà sẹ́yìn. Kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù wá wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, SREBP-2 gbéra, ọwọ́ pọ̀ síta, LDL inú ẹ̀jẹ̀ sì ń dín kù. Ní 1981, ikọ̀ Búráùnù àti Góódísítáìnì fi ajá ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ ara ẹ̀dọ̀ àwọn ajá tó lo oògùn náà pọ̀ sí i lóòótọ́.

Ará Japáànù kan, Akírà Ẹ́ńdò, ló kọ́kọ́ rí irú oògùn yìí, díẹ̀ sì ló kù kí wọ́n dà á nù. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ oògùn Sánkíyò ní Tókíyò. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn olú àti èbu kan lè máa ṣe ohun tó ń dá ẹ́ńsáìmù náà dúró kí wọ́n lè fi gbèjà ara wọn. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yẹ ohun tó lé ní 6,000 wò. Ní 1973, ọwọ́ wọn ba ohun tí wọ́n ń wá lára èbu kan tó hù lórí ìrẹsì láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Kíyótò. Wọ́n fún eku jẹ, kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù eku kò yẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn, bí kò bá jẹ́ pé Ẹ́ńdò lọ gbìyànjú rẹ̀ lára adìẹ tó ń yé. Ẹyin kún fún kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù, ẹ̀jẹ̀ adìẹ tó ń yé kò sì lè ṣaláìní in. Kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù adìẹ náà já wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gé e sí méjì.

Kí ló dé tí ti eku kò gbọ́? LDL kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára eku, HDL ló pọ̀ lára tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ eku sì ń yára ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun láti fi dípò èyí tí oògùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, débi tí ọ̀wọ́n kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ èèyàn náà ń jà padà lọ́nà kan náà, àmọ́ agbára tirẹ̀ kò tó ti eku. Ní 1978, dókítà kan ní Ọ̀sákà fún ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan tí kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ga láti ìgbà ìbí ní oògùn Ẹ́ńdò, ó sì wálẹ̀. Sítátíìnì àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún títà, lofásítátíìnì, jáde ní 1987. Ẹ́ńdò fúnra rẹ̀ kú ní 2024, lẹ́ni ọdún 90.

Ìjà tí ẹ̀dọ̀ ń jà padà yìí ló dáhùn ìbéèrè ìyá aláṣọ. Nígbà tí SREBP-2 bá ń pàṣẹ pé kí ọwọ́ pọ̀ síta, ó tún ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe pùrótéènì mìíràn tó ń jẹ́ PCSK9. Iṣẹ́ PCSK9 ni láti lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó wà níta. Ọwọ́ tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ kì í padà síta mọ́ bó bá wọlé, ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì á tú u pọ̀ mọ́ LDL tó gbé. Bí oògùn ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tuntun ń jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni PCSK9 tó ń pa wọ́n ń pọ̀. Èrè tó wà nínú àfikún oògùn wá kéré. Àwọn dókítà ti kíyè sí i pé bí wọ́n bá sọ sítátíìnì èyíkéyìí di ìlọ́po méjì, ìdá bíi 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún LDL ìbẹ̀rẹ̀ ló tún máa ń bá a lọ.

Àwọn èèyàn dúdú kan wà tí a bí pẹ̀lú PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Dáláàsì kan náà, Hẹ́lẹ́ẹ̀nì Hóòbù àti Jónátánì Kóẹ́nì rí i pé ìdá bíi 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà ló ní àbùdá náà, bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. LDL wọn fi ìdá 28 kéré sí ti àwọn tó kù, àìsàn iṣan ọkàn láàárín wọn sì fi ìdá 88 kéré, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ jáde ní 2006. Ọwọ́ ẹ̀dọ̀ wọn kì í tètè kú, láti kékeré ni LDL wọn sì ti wà nílẹ̀.

Ó wá ku iye tí èèyàn lè retí. Ìpíndọ́gba ni àwọn iye yìí o, ara ẹnì kan kì í ṣe ara ẹnì kejì. Atofásítátíìnì 10 mílígíráàmù ń dín LDL kù ní nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún, 20 ń dín in kù ní ìdá 43, 40 ní ìdá 49, 80 ní ìdá 55. Rosufásítátíìnì le jù ú lọ, 10 tirẹ̀ ń ṣe nǹkan bí ìdá 46, 20 ń ṣe bí ìdá 52. Simfásítátíìnì tó ti pẹ́ lọ́jà rọ̀ jù wọ́n lọ, 20 tirẹ̀ ń ṣe bí ìdá 35, 40 bí ìdá 40. Nítorí náà, kí èèyàn má fi nọ́mbà ara páálí wé ara wọn. Rosufásítátíìnì 10 lágbára ju simfásítátíìnì 40 lọ.

Ẹ wo bí hóró àkọ́kọ́, tó kéré jù, ṣe kó èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Láti 10 dé 80, oògùn di ìlọ́po mẹ́jọ, ìdá 18 péré ló fi kún un. Bí oògùn bá sì ṣe ń pọ̀ ni ewu ìrora iṣan ara ń pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fi sọ ní 2011 pé kí dókítà má tún fi aláìsàn tuntun sórí simfásítátíìnì 80 mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé àyẹ̀wò ìyá aláṣọ. Ìdá 43 nínú 180 jẹ́ 77, ìyẹn ló fi já sí 103. Ìdá 49 jẹ́ 88, ìyẹn ló fi já sí 92. Ká ní wọ́n gbé e dé 80, ì bá já sí 81. Ọ̀nà mìíràn wà tó yẹ kí dókítà rẹ̀ gbé yẹ̀ wò: kó fi í sílẹ̀ sórí 20, kó fi isẹtimáìbù 10 mílígíráàmù kún un. Inú ìfun ni isẹtimáìbù ti ń ṣiṣẹ́, ó ń dí ọ̀nà mọ́ kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù tó fẹ́ padà sínú ara, ó sì ń mú bí ìdá 20 sí 25 kúrò nínú LDL tó ṣẹ́kù. Láti 103, ìyẹn á gbé e dé nǹkan bí 80, ibi kan náà tí atofásítátíìnì 80 ì bá gbé e dé. Lójú akọ̀wé yìí, ọ̀nà kejì ló mọ́gbọ́n wá jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bí owó oògùn méjì kò bá ti wúwo jù.

Ẹni tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120 kò ní rí 77 lórí 20, á rí 52, á sì já sí 68. Ìdá 43 kan náà ni. Èrè tí ọkàn ń jẹ kì í tẹ̀ lé ìdá, iye LDL tó kúrò ló ń tẹ̀ lé. Àwọn olùwádìí tí Ọ́kísífọ́ọ̀dù wà lára wọn kó àbájáde ìwádìí 26 jọ, èyí tí nǹkan bí 170,000 èèyàn kópa nínú rẹ̀. Ní 2010, wọ́n sọ pé bí LDL bá fi mílímóòlù kan wálẹ̀ nínú lítà, ìyẹn nǹkan bí 39 mílígíráàmù nínú dẹsílítà, àìsàn ọkàn òjijì, rọpárọsẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ iṣan ọkàn ń fi ìdá 22 dín kù lápapọ̀. 77 tí ìyá aláṣọ kọ́kọ́ rí jẹ́ mílímóòlù méjì. 11 tó tẹ̀ lé e kò tó ìdá mẹ́ta mílímóòlù kan. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan ní Nàìjíríà ń kọ mílímóòlù, àwọn mìíràn ń kọ mílígíráàmù, kí èèyàn wo ẹ̀gbẹ́ nọ́mbà dáadáa kó tó fi èsì méjì wé ara wọn. Ẹni tó bá ka 4.65 sí ìlera nítorí pé àná ni wọ́n kọ 180 fún un ti ṣi ìwé kà. Ohun kan náà ni méjèèjì.

Nígbà wo ló yẹ kéèyàn tún àyẹ̀wò ṣe? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ oògùn náà ti hàn, ó sì ti pé tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn dókítà máa ń ní kéèyàn padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí méjìlá. LDL ẹnì kan náà, lórí oògùn kan náà, sì lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré láàárín èsì méjì kò tó kéèyàn fò sókè tàbí kó banú jẹ́.

Àmọ́ ká ní ìyá aláṣọ padà dé lẹ́yìn oṣù méjì, tí 172 wà nínú ìwé ńkọ́? Ìyẹn kò tó ìdá 5, ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà tó mọṣẹ́ á béèrè ni bóyá oògùn ń dé ẹ̀dọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ń lo páálí kan tán, wọ́n á ní ara ti yá, wọ́n á dúró. Bí sítátíìnì bá dúró, ẹ́ńsáìmù á bọ́ sí iṣẹ́, ọ̀wọ́n á tán nínú ẹ̀dọ̀, ọwọ́ á wọlé, LDL á sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ simfásítátíìnì ni, á béèrè ìgbà tó ń lò ó. Oògùn náà kì í pẹ́ nínú ara, òru sì ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù jù, nítorí náà alẹ́ ló yẹ kéèyàn máa lò ó. Atofásítátíìnì àti rosufásítátíìnì ń pẹ́ nínú ara, kò sígbà tí a kò lè lò wọ́n. Ìbéèrè mìíràn ni bóyá ibi tó ti rà á ṣe é fọkàn tán.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára, dókítà á wo ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ táíróòdù. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ọwọ́ ara ẹ̀dọ̀ ń dín kù, LDL á ga, ìrora iṣan látàrí sítátíìnì náà á sì tètè wá. Á tún wo ìwé àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kì í wọn LDL ní tààrà. Ìṣirò ni wọ́n ń fi mú un jáde:

```
LDL = TC − HDL − TG/5
```

TC ni àpapọ̀ kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù, TG ni ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní traigílísẹ́ráìdì, mílígíráàmù nínú dẹsílítà ni gbogbo wọn. Bí TG bá kọjá 400, ìṣirò yìí kò ṣe é gbára lé mọ́, kí wọ́n wọn LDL ní tààrà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn díẹ̀ ṣì kù tí ẹ̀dọ̀ wọn kò ní ọwọ́ láti nà. Ẹni tó jogún àbùkù risẹ́pítọ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ṣì ní ìdajì ọwọ́, sítátíìnì sì ń ràn án lọ́wọ́ dáadáa. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì kò rí nǹkan púpọ̀ jẹ lára rẹ̀, nítorí kò sí bí ọ̀wọ́n ṣe lè pọ̀ tó nínú ẹ̀dọ̀ tí ọwọ́ tí kò sí á fi jáde. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní kókó ọ̀rá lára ìgbọ̀nwọ́, orúnkún tàbí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ láti kékeré. Òbí tó bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lára ọmọ rẹ̀, kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù láìpẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sítátíìnì, ẹ pa ìwé àyẹ̀wò tí ẹ ṣe kí ẹ tó lo hóró àkọ́kọ́ mọ́, kí ẹ sì mú un dání pẹ̀lú tuntun nígbà tí ẹ bá ń padà lọ. Ẹ sọ gbogbo oògùn mìíràn tí ẹ ń lò fún dókítà, pàápàá kílaritiromáísìnì, nítorí ó lè jẹ́ kí simfásítátíìnì pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń múra àtilóyún ní láti tètè sọ. Bí ẹran ara bá sì ń ro yín gidigidi tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.